Nígbà Tí Oorun Kì Í Ṣe Oorun Mọ́: Bí A Ṣe Ń Dá Àlòjù Oògùn Mọ̀ Lára Ẹni Wa

Ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ìyá àgbà wa ń hanrun nínú yàrá wọn ní Ìbàdàn, inú gbogbo wa sì ń dùn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Màmá kò ti rí oorun gidi sùn. Orúnkún ló ń dà wọ́n láàmú, pàápàá lóru, tí wọn yóò máa kérora títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nítorí náà, nígbà tí ìró ìhanrun wọn dún dé pálọ̀ níbi tí a jókòó sí, ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, fi ìka kan ètè. Wọ́n ní, "Ẹ rọra o. Ẹ jẹ́ kí Màmá sinmi." A pa tẹlifíṣọ̀n. A lé àwọn ọmọdé síta.

Bí a ṣe wà bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Àǹtí, tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, pè wá lórí fóònù láti kí ìyá àgbà rẹ̀. A sọ fún un pé Màmá ń sùn. Ó ní kí n gbé fóònù sún mọ́ wọn kí òun kàn rí ojú wọn. Mo gbé e sún mọ́ wọn. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ìgbà wo ni wọ́n ti ń sùn?"

"Láti nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀."

"Ẹ jí wọn."

Àǹtí gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Ọmọ mi, ṣé o mọ iye ọjọ́ tí ìyá yìí kò ti sùn ni?"

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jí wọn báyìí."

A pe Màmá. Wọn kò dáhùn. A mì wọ́n léjìká. Ìpéǹpéjú wọn gbọ̀n díẹ̀, ojú là bíńtín, ó sì tún padé. Nọ́ọ̀sì wa ní kí n wo àyà wọn, kí n wo aago fóònù, kí n sì ka iye ìgbà tí wọ́n bá mí ní odidi ìṣẹ́jú kan. Mo kà á. Ó jẹ́ 7.

"Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn," ó wí. "Kì í ṣe tó bá di alẹ́. Báyìí ni. Ẹ kó gbogbo oògùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn dání."

Oorun tí à ń ṣọ́ fún Màmá láti àárọ̀ kì í ṣe oorun. Oògùn ló ti pọ̀ jù lára wọn. Bí kì í bá ṣe ìpè yẹn, à bá máa rìn lórí ìka ẹsẹ̀ títí ìhanrun náà yóò fi dákẹ́, à bá sì tún máa dúpẹ́ pé Màmá rí oorun sùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bi nọ́ọ̀sì wa àti dókítà tó tọ́jú Màmá léèrè ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi yé mi. Ohun tó yé mi ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ.

Oorun yàtọ̀ sí àìmọra

Ẹni tó ń sùn kò tíì kúrò láàárín wa. Bí ó ti wù kí oorun rẹ̀ wúwo tó, bí a bá pè é, tí a sì fọwọ́ kàn án, yóò lajú, yóò bínú, yóò béèrè ohun tí a fẹ́. Ó lè tún padà sùn, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ jí. Ẹni tí oògùn ti kó wọnú àìmọra kò rí bẹ́ẹ̀. A ó pè é, kò ní dáhùn. Tàbí kí ó là ojú bíńtín, kí ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò dún ketekete, kí ó sì tún rì padà kí a tó sọ ọ̀rọ̀ kejì.

Ìdí tí èyí fi léwu wà nínú bí a ṣe ń mí. Apá kan wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ èémí wa. Nígbà tí afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí tó yẹ kí a mí síta bá ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, apá náà yóò pàṣẹ fún àyà kí ó mí. Kò nílò kí a ronú sí i. Ìdí nìyẹn tí a fi ń mí lójú oorun. Àwọn oògùn ìrora tó lágbára, irú bíi tiramadọ́ọ̀lù, kodíìnì àti mọfíìnì, máa ń mú kí olùṣọ́ yìí tòògbé. Afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí yóò máa pọ̀, olùṣọ́ kò sì ní tètè fura. Èémí yóò máa lọ sílẹ̀, yóò máa jìnnà síra, títí yóò fi dáwọ́ dúró. Kì í sábà sí ariwo níbẹ̀. Ẹni náà kì í jà, kì í ké. Ó kàn ń "sùn" ni.

Àwọn oògùn amúnisùn bíi Lẹ́sótáànì àti Fálíọ̀mù kì í sábà pa àgbàlagbà tó ní ìlera bí ó bá lò wọ́n láìlo nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá dà wọ́n pọ̀ mọ́ oògùn ìrora tó lágbára, tàbí mọ́ ọtí, ọ̀kan yóò ti ilẹ̀kùn, èkejì yóò kì í ní àgádágodo. Ìwọ̀n kékeré nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí kò ní ṣe nǹkan kan bí ó bá dá wà, lè di ewu ńlá bí wọ́n bá pàdé nínú ara kan náà.

Bí Màmá ṣe dé ibẹ̀

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa tó fẹ́ ibi fún Màmá. Nígbà tí dókítà tú àpò oògùn wọn sórí tábìlì, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, a rí i pé ìgbésẹ̀ kéékèèké mẹ́rin ló gbé wọn débẹ̀, àánú ló sì wà nídìí gbogbo wọn.

Ẹni ọdún 79 ni Màmá, kíndìnrín wọn kò sì ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Nítorí èyí, tiramadọ́ọ̀lù 50 mìlígíráàmù ni dókítà kọ fún wọn: kápúsù kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 100 lójúmọ́. Kíndìnrín ló ń gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ oògùn yìí jáde kúrò lára. Bí kíndìnrín bá ń falẹ̀, ti àná yóò ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ti òní bá wọlé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ìrora kò lọ, Àǹtí sì sọ kápúsù kan di méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́. Ó di 200 lójúmọ́. Ìgbésẹ̀ kejì: oògùn tán ní ọjọ́ Ẹtì, a sì rán ọmọ kan sí kẹ́míìsì. Orúkọ kan náà ni ọmọ náà mú bọ̀, àwọ̀ páálí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, ṣùgbọ́n 100 mìlígíráàmù ló wà nínú kápúsù kọ̀ọ̀kan, irú èyí tó máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú ara. A ṣì ń fún wọn ní méjì-méjì. Kí a tó mọ̀, ó ti di 400 lójúmọ́, ìlọ́po mẹ́rin ohun tí dókítà kọ. Fún àgbàlagbà tó ti kọjá ọdún 75, kò yẹ kí ó kọjá 300 lójúmọ́ kódà bí kíndìnrín rẹ̀ bá dá ṣáká.

Ìgbésẹ̀ kẹta: aládùúgbò wa kan tí àánú Màmá ṣe fún wa ní Lẹ́sótáànì, wọ́n sì lo hóró kan ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀kan ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìgbésẹ̀ kẹrin ló dùn mí jù. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú náà, Màmá ń tòògbé nídìí ẹ̀kọ. Ẹ̀kọ wà lẹ́nu wọn tí orí wọn tẹ̀ síwájú. A nu ẹnu wọn, a rẹ́rìn-ín, a sì fún wọn ní kápúsù méjì ti àárọ̀, nítorí pé àkókò rẹ̀ ti tó.

Òògbé yẹn ni àmì àkọ́kọ́. Kì í ṣe ọjọ́ náà nìkan ni ó ti yọjú. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀rọ̀ ti ń lọ́ mọ́ Màmá lẹ́nu. Wọ́n ta gọ́ọ́gọ́ọ́ nígbà tí wọ́n ń lọ sí ilé ìtura. Wọ́n sùn lọ láàárín ìtàn tí àwọn fúnra wọn ń sọ. A ní ọjọ́ orí ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kì í dé láàárín ọjọ́ méjì. Ohun tí dókítà sọ fún wa ni pé òògbé máa ń ṣáájú kí èémí tó bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Bí ẹni tó ń lo irú oògùn yìí bá ń sùn lọ láàárín ọ̀rọ̀ tàbí pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu, a kò gbọdọ̀ fún un ní ìwọ̀n tó kàn, àkókò ìbáà tó, ìrora ìbáà wà. Kí a pe dókítà tàbí apoògùn ní ọjọ́ náà gan-an kí ó tó tún fi nǹkan kan kan ẹnu.

Àyẹ̀wò tí kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ

Ohun mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì wa ní kí a wò, bí wọ́n sì ṣe tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn ṣe pàtàkì.

Èkíní ni jíjí. Ẹ pe ẹni náà ní orúkọ tó mọ̀ jù, pẹ̀lú ohùn òkè. Bí kò bá dáhùn, ẹ gbá a léjìká. Bí ìyẹn náà kò bá ṣiṣẹ́, ẹ di ẹ̀kẹ́ ọwọ́ yín, kí ẹ sì fi oríkèé ìka ra egungun àárín àyà rẹ̀ gidigidi fún ìṣẹ́jú àáyá bíi márùn-ún. Ó máa ń dun ènìyàn. Ẹni tó ń sùn lásán yóò ti ọwọ́ yín dànù. Ojú lílà nìkan kò tó. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan: "Ta ni mí?" tàbí "Ibo la wà?" Ìdáhùn tó yè kooro ni a ń wá. Mo mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, a kì í ṣàdédé jí àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó báyìí: bí ó bá jẹ́ oorun ni, wọn yóò bá yín wí, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀.

Èkejì ni èémí. Ẹ wo àyà tàbí ikùn rẹ̀. Bí ó bá gbéra tó sì wálẹ̀, ọ̀kan nìyẹn. Ẹ kà á fún odidi ìṣẹ́jú kan, ẹ má ṣe ka ìdajì kí ẹ sọ ọ́ di méjì, nítorí pé èémí ẹni tí oògùn mú kì í dọ́gba. Àgbàlagbà tó wà ní ìsinmi sábà máa ń mí ní ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá dín ní 12 lára ẹni tó lo irú oògùn yìí, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ pe dókítà, kí ẹ sì tún un kà léraléra. Bí ó bá jẹ́ 8 tàbí tó dín sí i, tàbí tí èémí bá ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó tún bẹ̀rẹ̀, pàjáwìrì ni. Àwọn ọmọdé máa ń mí kíákíá ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà iye yìí kò bá wọn mu. Ọmọdé tó bá gbé oògùn àgbà mì, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni, kódà bí ó bá ṣì ń ṣeré.

Ìhanrun wà lára èémí tí a ó tẹ́tí sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń hanrun láìsí ewu kankan. Èyí tó yẹ kó bà wá lẹ́rù ni èyí tí a kò gbọ́ rí lára ẹni náà, tó jìn, tó ń hó bí ìgbà tí omi wà lọ́nà ọ̀fun, tó ń dúró tó tún ń já lójijì. Ó ń sọ fún wa pé ahọ́n àti ọ̀fun ti rọ̀ débi pé wọ́n fẹ́ dí ọ̀nà èémí.

Ẹ̀kẹta ni àwọ̀. Nínú ìwé àwọn aláwọ̀ funfun, a máa ń kà pé ara yóò yí padà di búlúù. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ojú awọ lásán kì í fi í hàn. Ẹ fa ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ kí ẹ wo inú rẹ̀, ẹ wo èrìgì, ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná. Níbi tó yẹ kó pọ́n, bí ó bá ti di àwọ̀ eérú tàbí tó ń dúdú bí àyìnrín, afẹ́fẹ́ kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ẹ má ṣe dúró de àmì yìí kí ẹ tó gbéra o. Ó sábà máa ń pẹ́ dé.

Àwọn kan yóò béèrè nípa ojú. Òótọ́ ni pé oògùn ìrora tó lágbára máa ń mú kí ọmọlójú kéré bí orí abẹ́rẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yàrá ṣókùnkùn. Bí ẹ bá rí i, ẹ sọ fún dókítà. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá rí i, kò túmọ̀ sí pé ewu kò sí: ọtí àti oògùn amúnisùn kì í sábà sọ ọmọlójú di bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tiramadọ́ọ̀lù kì í fi í hàn ní gbogbo ìgbà.

Ìgbà tí a gbọ́dọ̀ gbéra

Nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́, ìlànà kan ni mo kọ sára fìríìjì ilé wa: ẹni tí a kò bá lè jí kó dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo, ilé ìwòsàn ló ń lọ, iye yòówù kí èémí rẹ̀ jẹ́. A kò nílò kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá oògùn ló fà á. Ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè rí bẹ́ẹ̀, àrùn rọpárọsẹ̀ lè rí bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ló sì jẹ́ pàjáwìrì. Gìrì náà wà lára rẹ̀, nítorí pé tiramadọ́ọ̀lù tó pọ̀ jù lè dá gìrì sí àgbàlagbà lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú rẹ̀ kò ṣe é rí.

Ní Nàìjíríà, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, 767 náà wà. Àwọn tó wà ní ìlú Ọba yóò pe 999, àwọn ti Amẹ́ríkà yóò pe 911. Bí ọkọ̀ ilé bá máa yá ju ọkọ̀ ilé ìwòsàn lọ, ẹ lò ó, ṣùgbọ́n kí ẹnìkan jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú aláìsàn, kí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ èémí wíwò nìkan. Èmi ni mo ṣe iṣẹ́ yẹn fún Màmá. N kò mọ ọ̀nà tí a gbà débẹ̀. Àyà wọn nìkan ni mo ń wò.

Kí ìrànlọ́wọ́ tó dé

Ẹni tó ń mí ṣùgbọ́n tí kò jí, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ ká orúnkún tó wà lókè síwájú kó má baà yí dojú délẹ̀, ẹ fi ọwọ́ rẹ̀ tó wà lókè sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀ kí ọ̀nà ọ̀fun lè là. Bí ó bá bì, èébì yóò ṣàn jáde dípò kí ó wọ ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí a yí Màmá sí ẹ̀gbẹ́, ìhanrun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, èémí sì wọlé dáadáa. Ìrọ̀rùn díẹ̀ lásán ni. Kò dí wa lọ́wọ́ láti máa lọ.

Bí kò bá mí mọ́, tàbí tó kàn ń mí gúlẹ́gúlẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja lórí ibi líle. Ẹ gbé ọwọ́ yín méjèèjì léra wọn sí àárín àyà rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kíákíá, ní ìgbà 30. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ di imú rẹ̀ pọ̀, ẹ fi ẹnu bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì fẹ́ èémí sí i ní ẹ̀ẹ̀mejì títí àyà yóò fi gbéra. Ẹ máa ṣe é lọ bẹ́ẹ̀ títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Nínú àlòjù oògùn, èémí tí a fẹ́ sí ẹnu yìí ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí pé àìmí ló sábà máa ń dá ọkàn dúró.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe pọ̀ ju ohun tí a ó ṣe lọ ní ilé Yorùbá. Àwọn ará àdúgbò yóò sáré gbé epo pupa wá, òmíràn yóò mú wàrà wá, òmíràn omi iyọ̀, wọn yóò sì fi síbí tú ẹnu aláìsàn. Ẹni tí kò jí kò lè gbé nǹkan mì. Ohunkóhun tí a bá dà sí i lẹ́nu lè gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá epo, èyí tó máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ gidigidi. A kò gbọdọ̀ mú un bì. A kò gbọdọ̀ da omi tútù lé e lórí tàbí gbé e sínú omi. Kọfí líle kò lè lé oògùn jáde lára. Èyí tó sì wọ́pọ̀ jù, tó sì burú jù, ni ká ní, "Ẹ jẹ́ kó sùn ún tán." Bí ẹni náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn náà, ó lè jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù ṣì wà nínú ikùn tí kò tíì wọnú ẹ̀jẹ̀. Bí ó ti ń sùn ni yóò máa rì sí i.

Nígbà tí ó jí, ọ̀rọ̀ kò tíì tán

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fún Màmá ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, dókítà sì gún wọn ní oògùn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ nalọkisóònù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó lé oògùn ìrora kúrò níbi tó jókòó sí nínú ọpọlọ. Kò pẹ́ tí Màmá fi là ojú. Wọ́n wo Àǹtí, wọ́n ní, "Kí ló dé tí ẹ fi kó mi wá síbí?" Àǹtí bú sẹ́kún. Gbogbo wa ń dúpẹ́, a sì ti ń kó ẹrù jọ láti padà sílé.

Dókítà kọ̀. Ó ní nalọkisóònù kì í pẹ́ lára. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan àti ààbọ̀, agbára rẹ̀ yóò ti dín kù. Tiramadọ́ọ̀lù tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń falẹ̀ yóò ṣì wà níbẹ̀. Kò sì lè ṣe ohunkóhun sí Lẹ́sótáànì. Agbára rẹ̀ lórí tiramadọ́ọ̀lù gan-an kò pé. Bó ṣe wí ló rí. Kò tíì tó agogo mẹ́jọ alẹ́ tí ojú Màmá tún bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, tí èémí wọn tún di 9. Wọ́n tún gún wọn ní abẹ́rẹ́, wọ́n sì ṣọ́ wọn mọ́jú. Bí a bá ti gbé wọn lọ sílé ní agogo mẹ́fà, orí bẹ́ẹ̀dì wọn ni ìrì kejì ìbá ti bá wọn, gbogbo wa ìbá sì ti gbà pé ewu ti kọjá.

Páálí oògùn tí a kó dání ló jẹ́ kí iṣẹ́ yá. Dókítà ka orúkọ àti ìwọ̀n lára wọn, ó ka kápúsù tó ṣẹ́ kù, ó sì mọ iye tó ti wọlé. Bí ẹ kò bá rí páálí, ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀: kí ni, mélòó, ní agogo mélòó, àti bóyá ọtí wà níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ àbúrò wa ńkọ́?

Mo ti sọ ti àgbà, ṣùgbọ́n ara ọ̀dọ́ kò yàtọ̀. Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fòfin de ṣíṣe àti kíkó omi ikọ́ oníkodíìnì wọlé, síbẹ̀ gbogbo wa mọ̀ pé kò tán ní ìgboro. Tiramadọ́ọ̀lù 225 mìlígíráàmù ń kiri, nígbà tó jẹ́ pé èyí tó ga jù tí àjọ NAFDAC fọwọ́ sí jẹ́ 100. Ọ̀dọ́ tó bá dà á mọ́ ọtí níbi àríyá, tó sì wá dùbúlẹ̀ sí igun kan tó ń hanrun, ibi tí Màmá wà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn lòun náà wà. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ìtìjú wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ yóò máa bẹ̀rù òbí, àwọn òbí yóò máa bẹ̀rù ohun tí ayé yóò wí, wọn yóò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn pé kó sùn ún kúrò lójú. Àyẹ̀wò kan náà ni: ẹ jí i, ẹ ka èémí, ẹ wo inú ètè. Bí ẹ bá dé iwájú dókítà, ẹ sọ òtítọ́ ohun tó mu. Abẹ́rẹ́ tó yẹ kó gún un wà lórí ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ. Bí ẹ bá sì fura pé ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé e mì láti pa ara rẹ̀ ni, ẹ sọ ìyẹn náà, kí ẹ má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.

Màmá ṣì wà láyé. Bẹ́bà kan wà lára ògiri yàrá wọn báyìí tí Àǹtí fi ọwọ́ ara wọn kọ: orúkọ oògùn, ìwọ̀n tó wà nínú hóró kan, iye hóró, àkókò, àti ẹni tó fún wọn. Bí a bá ra tuntun, a ó gbé páálí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ kí a tó ṣí i. Nígbà tí Màmá bá sì ń hanrun lọ́sàn-án, Àǹtí kì í fi ìka kan ètè mọ́. Wọn yóò wọlé, wọn yóò fọwọ́ kàn wọ́n léjìká, wọn yóò ní, "Màmá, ta ni mí?"

Màmá yóò là ojú kan. "Ìwọ ọmọ yìí, o ò ní jẹ́ kí n sùn."

Àǹtí yóò sì rọra ti ilẹ̀kùn.